Rìsíìtì Bàbá Ìbejì: bí mo ṣe mọ ọjọ́ tí owó ilé wọlé gan-an

Èmi ni mo ń bá Àlàájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mójú tó ilé tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ fún wọn ní Òkè-Bàálẹ̀, ní Òṣogbo níbí. Yàrá mẹ́jọ ni, wọ́n kọjú síra wọn, ọdọọdún ni àwọn ayálégbé sì ń sanwó. Ìwé ńlá kan wà tí Àlàájà fi ń kọ orúkọ ẹni tó san, iye tó san àti ọjọ́ tó san án. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ mi.

Lọ́dún 2025, Àlàájà fi kún owó ilé. ₦180,000 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ₦220,000. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá san tiẹ̀ kí oṣù Kejì tó parí, owó àtijọ́ náà ni kó san. Bí ọjọ́ orí rìsíìtì ṣe di ọ̀rọ̀ ogójì ẹgbẹ̀rún náírà nìyẹn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ọjọ́ Ajé, ààwẹ̀ ti di ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Ìbejì tó wà ní yàrá kẹta fi àwòrán rìsíìtì kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi han Àlàájà. Láti ọjọ́ Ẹtì la ti san án.” Mo ṣí i. Owó náà pé. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá, lábẹ́ orúkọ bánkì, ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà ni 03 Mar 2025. Orúkọ obìnrin kan ló sì wà níbi Sender, orúkọ tí n kò rí rí nínú ìwé wa.

Mo ti fẹ́ bínú, ebi ààwẹ̀ náà sì ń bá mi fà á. Mo kàn fi fóònù sílẹ̀ títí a fi ṣínu. Àwòrán Wasáàpù kì í sì í ṣe ohun tí mo máa ń fi ojú rẹ̀ nìkan dájọ́: ó máa ń ṣú, wọ́n lè gé ìdí rẹ̀ kúrò, ẹlòmíì sì lè fi áàpù yí ohun tó wà lórí rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé kí ẹni tó sanwó padà sínú áàpù bánkì rẹ̀, kó wá owó náà nínú àkọsílẹ̀, kó tẹ Share, kó sì fi fáìlì PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Nígbà tó dé, ibi tí owó lọ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí bí owó bá gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ, ọjọ́ rẹ̀ ò tún wúlò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Beneficiary, orúkọ ìdílé Àlàájà ló ṣáájú, orúkọ àbísọ wọn tẹ̀ lé e. Nínú ilé, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó ṣe wà nínú káàdì bánkì wọn nìyẹn. Áàpù náà fi ìràwọ̀ bo nọ́ńbà ákáǹtì, mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan ló fi sílẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tiwọn mu. Mo tún wo orúkọ bánkì. Àwọn kan kì í wo ìyẹn, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ákáǹtì oní-dígíìtì mẹ́wàá kan náà lè wà ní bánkì méjì, kó jẹ́ ti ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ, nọ́ńbà àti bánkì gbọ́dọ̀ jọ bára mu ni. Wọ́n bára mu.

Ọ̀rọ̀ wá ku ẹni tó san án. Mo pe Bàbá Ìbejì, mo ní, “Bàbá Ìbejì, ta ni obìnrin yìí o?” Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ni! Láti ìgbà tó wà nílé bàbá rẹ̀ ló ti ṣí ákáǹtì yẹn, kò sì yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ò mọ ìgbàgbọ́. Níbi Narration, tí wọn ì bá ti kọ “owó ilé yàrá kẹta”, Transfer lásán ló wà níbẹ̀. Mo ní kí Ìyá Ìbejì fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ kọ̀wé sí mi pé òun lòun san owó náà fún ọkọ òun, yàrá kẹta, ọdún kan. Ó kọ ọ́, ó tún bú mi díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ gan-an ló gbà mí lákòókò. Lórí PDF náà, ọjọ́ méjì ló wà. Èyí tó wà lókè ni 03 Mar. Nísàlẹ̀, lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan ní Transaction Date, 28 Feb 2025. Èwo ni kí n gbà? Mo lọ síbi Session ID. Bí owó bá ti bánkì kan lọ sí òmíì, dígíìtì ọgbọ̀n ló máa ń wà níbẹ̀. Mo bo àwọn tí kò kàn yín:

```
XXXXXX250228214733XXXXXXXXXXXX
```

Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ àti aago: 25 ni ọdún, 02 ni oṣù, 28 ni ọjọ́, 214733 sì ni aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Méjìlá tó kù jẹ́ ti owó yẹn nìkan. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n san án lóòótọ́. Ọjọ́ tó wà lókè ni ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú áàpù, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí bánkì ẹni tó san àti ti ẹni tó gbà á bá jẹ́ ọ̀kan náà, nọ́ńbà tí ẹ máa rí lè má rí báyìí rárá, ẹ má wá ọjọ́ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lè yí ọjọ́ orí rìsíìtì lè yí nọ́ńbà náà pẹ̀lú. Ibi tí owó wọlé sí ni ẹ̀rí wà. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni Àlàájà ń lò, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ti kún inú rẹ̀ débi tí aláàtì tuntun ò lè wọlé mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá wọn lọ sí bánkì wọn, a gba àkọsílẹ̀ ákáǹtì oṣù méjì. Ó wà níbẹ̀: 28 Feb, ₦180,000, orúkọ ilé bàbá Ìyá Ìbejì. Ìlà tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọ́n yọ ₦50, owó ìjọba tí wọ́n ń yọ lọ́dún náà lọ́wọ́ ẹni tó bá gba ₦10,000 sókè.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá padà sílé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: yàrá kẹta, ₦180,000, ìyàwó ló san án, 28/2/2025, fún ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2025 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2026. Mo kọ dígíìtì ọgbọ̀n náà sábẹ́ rẹ̀. Àlàájà ní kí n ka nọ́ńbà náà sí àwọn létí. Mo kà á títí dé ibi ọjọ́, mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀.

“Ṣé àwọn bánkì yìí ò wá lè kọ ọjọ́ bí èèyàn ni?”