Bí mo ṣe pín wákàtí mẹ́ta fún bébà Gọ́fúmẹ́ǹtì wa ní Ìkòròdú

Ní ilé lẹ́sìn wa ní Àgíríìkì, ní Ìkòròdú, tíṣà Gọ́fúmẹ́ǹtì kó ọbujẹ́tíìfù àti tíọ́rì pọ̀ sínú bébà kan ṣoṣo fún ìdánwò àṣewò wa, wákàtí mẹ́ta gbáko. Ọbujẹ́tíìfù jẹ́ 50, máàkì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé. Tíọ́rì jẹ́ méje, a ó mú mẹ́rin níbẹ̀, 20 máàkì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò ní wá gba apá kan lọ́wọ́ wa kí a tó bọ́ sí èkejì, bó ṣe wu oníkálukú ni yóò ná àsìkò rẹ̀. Tíṣà ti sọ bí bébà náà ṣe máa rí fún wa ṣáájú, nítorí náà alẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú ni mo ti jókòó pín ìṣẹ́jú mi sórí ìwé.

Máàkì ni mo fi pín in, n ò fi iye ìbéèrè pín in. Ẹni tó bá fi iye ìbéèrè pín in yóò rí i pé ìbéèrè 54 ló fẹ́ dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 180, ìyẹn á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Ọbujẹ́tíìfù á wá gbé ìṣẹ́jú tó lé ní 160 lọ, á sì ku bíi ìṣẹ́jú 13 péré fún tíọ́rì tó gbé 80 máàkì. Ṣùgbọ́n gbogbo máàkì bébà náà jẹ́ 130. Tí a bá fi 130 pín 180, máàkì kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àti ìdámẹ́ta. Ìyẹn á fún tíọ́rì kan ní bíi ìṣẹ́jú 28, á sì fún ọbujẹ́tíìfù lápapọ̀ ní bíi 69.

Mi ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kíkùn lásán ni ọbujẹ́tíìfù, a kì í kọ gbólóhùn níbẹ̀, èyí tí èèyàn bá sì mọ̀ kì í gba ìṣẹ́jú kan. Mo gé e sí 50. Mo fún tíọ́rì kọ̀ọ̀kan ní 26, ìyẹn 104 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi 12 sílẹ̀ fún kíka bébà àti yíyan ìbéèrè, 14 tó kù sì di ti àyẹ̀wò.

Aago 9:00 la bẹ̀rẹ̀. Kí n tó ka ohunkóhun, mo kọ àsìkò tí ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ parí sẹ́yìn bébà ìbéèrè: 9:12, 10:02, 10:28, 10:54, 11:20, 11:46. Aago ọwọ́ kan tí mo rà ní ọjà Sábó ni mo gbé ka orí tábìlì, nítorí a kì í mú fóònù wọlé. Bí a bá kọ àsìkò ìparí sílẹ̀ báyìí, kò sí pé à ń ro iye ìṣẹ́jú tó ti lọ nígbà tí ọwọ́ ń kọ̀wé. Wíwo lásán ló kù.

Tíọ́rì ni mo kọ́kọ́ kà, àmọ́ ọbujẹ́tíìfù ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí mo ti mọ ìbéèrè mẹ́rin tí mo fẹ́ mú, ọkàn mi ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn ọbujẹ́tíìfù kan sì ń rán mi létí orúkọ àti ọdún tí màá lò níwájú, mo sì ń kọ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ bébà ìbéèrè.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba inú ọbujẹ́tíìfù kọjá. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú 35: èyí tí mo mọ̀, mo kùn ún lójú ẹsẹ̀, èyí tó dá mi dúró, mo tọ́ àmì kékeré sí i mo sì kọjá. Tó bá di 9:30, ó yẹ kí n ti wà ní nọ́ńbà 25. Tí mo bá ṣì wà ní 18, ó túmọ̀ sí pé mò ń bá àwọn tó le jà nígbà tí àwọn tó rọrùn ń dúró dè mí níwájú. Ìṣẹ́jú 15 tó kù ni ti àwọn tí mo tọ́ àmì sí. Tíṣà wa kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà n ò fi ọ̀kankan sílẹ̀ láìkùn. Ẹni tó bá fojú dá mẹ́jọ nínú èyí tó ní ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin lè rí bíi méjì mú níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ ó dáhùn sórí bébà ìbéèrè kí ẹ tó wá kùn ún lẹ́ẹ̀kan náà nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ìlà ti máa ń yẹ̀, tí ìdáhùn nọ́ńbà 31 á bọ́ sí 32, tí gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e á sì tẹ̀ lé e yẹ̀.

Tíọ́rì ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Ọ̀kan nínú mẹ́rin mi dá lé Òfin Kílífọ́ọ̀dù ti 1922, ìyẹn òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà: (a) kí ni ìlànà ìdìbò tó mú wọlé, máàkì 4, (b) ṣàlàyé àléébù mẹ́rin tó ní, máàkì 16. Nínú ìṣẹ́jú 26, mo fi mẹ́ta kọ kókó sílẹ̀, 21 fún kíkọ, méjì fún kíkà á padà. Ìyẹn ni pé máàkì kan ń gba bí ìṣẹ́jú kan. Apá (a) gba ìṣẹ́jú mẹ́rin: àwọn ará ìlú kan láǹfààní láti dìbò yan aṣojú sí ìgbìmọ̀ aṣòfin, mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Ó tó, mo kúrò níbẹ̀. Àléébù mẹ́rin tí mo kọ sílẹ̀ ni pé ọkùnrin tó ń rí 100 pọ́ùn lọ́dún nìkan ló lè dìbò, ìlú méjì péré ló sì kàn. Pé ìgbìmọ̀ náà kì í ṣòfin fún Àríwá. Pé kò sí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Àti pé gómìnà lè fagi lé ohun tí ìgbìmọ̀ bá fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìkarùn-ún, mo sì mọ ìtàn bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní 1923 nítorí ìdìbò yẹn, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n béèrè, kò sí máàkì níbòmíràn.

Ìbéèrè tí èèyàn mọ̀ jù ló máa ń jalè. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 40 kọ tíọ́rì àkọ́kọ́ ti gba 14 lọ́wọ́ ìkẹrin, 12 ló kù fún un. Lọ́dọ̀ tíṣà wa, kókó tí a dárúkọ ní máàkì kan, àlàyé rẹ̀ ní mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 14 tó lò láti fi ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ dárà lè má mú máàkì kan wá, nígbà tí ìṣẹ́jú 14 náà lórí ìkẹrin lè gbà tó àléébù mẹ́ta odindi. Nítorí náà, nígbà tí 10:54 lu mí lórí ìbéèrè kejì tí kókó kan ṣì kù, mo kọ orúkọ kókó náà ní gbólóhùn kan, mo fi ìlà mẹ́fà sílẹ̀ lófìfo, mo sì ṣí ojú ìwé tuntun. Nínú ìṣẹ́jú 14 àyẹ̀wò ni mo padà wá kún un, lẹ́yìn tí mo ti wò ó pé nọ́ńbà ìbéèrè tí mo kọ bá èyí tí mo dáhùn mu, àti pé kò sí ọbujẹ́tíìfù tó ṣófo.

Níbi tí wọ́n bá ti ń gba ọbujẹ́tíìfù kí tíọ́rì tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan àti wákàtí méjì, a kò lè yá ìṣẹ́jú lọ́wọ́ ọbujẹ́tíìfù fún tíọ́rì. Mo tún un pín fún irú ìyẹn: nínú 120, ìṣẹ́jú mẹ́fà fún yíyan ìbéèrè, 26 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́wàá fún àyẹ̀wò.