Bí a ṣe rí Android Auto lò nínú bọ́ọ̀sì akẹ́rù wa

Àwọn dírẹ́fà wa fẹ́ máa wo máàpù lójú sikirínì bọ́ọ̀sì akẹ́rù tuntun, ṣùgbọ́n Android Auto, ètò tó ń gbé máàpù orí fóònù wá sójú sikirínì ọkọ̀, kò jáde níbẹ̀ rárá. Kí n tó kọ lẹ́tà sí ibi tí a ti rà á, mo kọ́kọ́ yẹ ojúhò USB wò. Òmíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń fún fóònù. Irú ìyẹn, pípààrọ̀ ni wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Tiwa ń ka orin inú fúláàṣì, èyí fi hàn pé dátà ń gba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́tà náà kò gùn. Mo kọ VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 inú rẹ̀ pé, mo kọ ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó wà lójú sikirínì, mo sì sọ ohun tí mo dán wò. Lẹ́yìn náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí Android Auto. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ ìdí rẹ̀ àti iye owó ránṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun." Mi ò bèèrè fídíò tí yóò máa ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ bá ń rìn, nítorí ààbò ni wọ́n ṣe tì í pa.

Wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, wọ́n sì ṣí i. Máàpù jáde, àmọ́ àwọn fóònù tó ti wà lórí Bluetooth tẹ́lẹ̀ pa rẹ́, a ní láti tún wọn so.