Bí A Ṣe Ń Gba Apá Kan Owó Padà Láì Fi Ìyókù Sílẹ̀

Irúgbìn àgbàdo tẹ́ ẹ rà kò hù bó ṣe yẹ. Nínú 100 wóró tẹ́ ẹ kà lórí poro, 35 péré ló yọjú, bẹ́ẹ̀ ara àpò ni wọ́n kọ ọ́ sí pé 85 ni yóò hù. Ẹni tó tà á gbà pé àṣìṣe wà, ó ní òun á dá owó irúgbìn padà lónìí. Ó wá mú bébà kékeré kan jáde pé kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i: "Mo ti gba owó mi, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wa."

Owó irúgbìn nìkan kọ́ ni ẹ pàdánù. Ká ní irúgbìn jẹ́ 40 (ẹ fi owó ibi tẹ́ ẹ wà kà á), ajílẹ̀ tó ṣòfò jẹ́ 25, títún ilẹ̀ tú jẹ́ 30, owó àwọn tó máa tún un gbìn sì jẹ́ 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115. Bí ẹ bá gba 40, 75 ṣì kù nílẹ̀. Gbólóhùn "ọ̀rọ̀ ti parí" yẹn lè gbé 75 náà lọ, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá gba owó tó sì fọwọ́ sí i pé kò sí ohun tó kù mọ́ ti fi ìyókù jìn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ka ìwé náà dáadáa.

Nítorí náà, ẹ má kọ owó náà, ìwé náà ni kẹ́ ẹ yí padà. Ẹ fi gègé fa ìlà sórí gbólóhùn ìparí yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹni tó tà á náà sì fọwọ́ sí ibi tẹ́ ẹ ti pa á rẹ́. Èyí tó dára jù ni kí ẹ kọ tiyín, bí irú èyí:

"Mo gba 40 lónìí, owó irúgbìn tí mo rà lọ́wọ́ yín (ọjọ́ tí mo rà á àti nọ́ńbà ara àpò nìyí). Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí apá kan àdánù mi. Kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀. Mo ṣì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìyókù: ajílẹ̀, títún ilẹ̀ tú àti owó àwọn tó tún un gbìn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 75."

Ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fún un ní ẹ̀dà kan, kí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ò bá tíì mọ iye ìyókù, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́, kí ẹ sì kọ pé iye rẹ̀ ń bọ̀.

Ibi tó le wà níhìn-ín o. Bí ẹni tó tà á bá sọ gbangba pé, "Bí ẹ ò bá gbà pé ó ti parí, mi ò ní san kọ́bọ̀," kò dájú pé ẹ lè gba owó náà kí ẹ sì sọ pé ẹ ò gba àdéhùn tó so mọ́ ọn. Sọ̀wédowó tí wọ́n kọ "àsanparí" sí lára náà rí bẹ́ẹ̀: gbígba owó rẹ̀ ní báńkì lè di pé ẹ fara mọ́ ọn, ohun yòówù kẹ́ ẹ kọ sí i. Irú èyí, ẹ má ì náwó náà. Ẹ kọ̀wé pé ẹ ò gba àdéhùn yẹn, ẹ béèrè bóyá yóò san 40 láìsí i, kí ẹ sì dá sọ̀wédowó náà padà bó bá kọ̀. Bí owó bá ti dédé wọ àkáǹtì yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà pé apá kan lẹ kà á sí. Dídákẹ́ fún oṣù méjì kì í ṣàǹfààní ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó sanwó.

Ìwé yín kò dá ẹ̀tọ́ tuntun sílẹ̀. Bí rìsíìtì tàbí àpò bá ti sọ pé owó irúgbìn nìkan ni wọn yóò dá padà, 75 yẹn lè di ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò. Àsìkò tí òfin fi sílẹ̀ láti pẹjọ́ náà kò dúró dè yín. Lẹ́tà kì í dá a dúró.

Ẹ fi irúgbìn tó kù sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ níbi gbígbẹ, kí ẹlòmíì lè fi 100 wóró sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ méje kó sì kà á lójú ẹni tó tà á. Láìsí i, ẹni tó tà á yóò sọ pé òjò tó fà sẹ́yìn tàbí bí ẹ ṣe gbìn ín jìn jù ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀.