Bí ìgbẹ́ bá ń le lásìkò ààwẹ̀
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí dókítà ní kó má jẹun náà. Ìfun ńlá ló ń fa omi kúrò nínú ìgbẹ́. Bí a kò bá mumi látàárọ̀, ara á fa èyí tó kù níbẹ̀. Oúnjẹ ò sì wọlé tí yóò tì ti àtẹ̀yìnwá jáde, torí náà ìgbẹ́ á pẹ́ nínú, á gbẹ, á dà bí kóró.

Ọ̀pọ̀ ń fi búrẹ́dì funfun àti ẹran díndín ṣínu, wọ́n á mu omi ife kan, wọ́n á sùn. Ìyẹn ò lè mú ìgbẹ́ rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mu omi ife kan tàbí méjì, kí ẹ jẹ èso tó lómi nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Kí ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi sùn, torí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ láìsí omi tún lè dí ìfun pa. Ẹni tí wọ́n ní kó dín omi mímu kù nítorí kíndìnrín tàbí ọkàn, ìlànà dókítà rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé.

Oúnjẹ máa ń jí ìfun, nítorí náà ẹ lọ jókòó sí ilé ìgbẹ́ ní bí ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí ẹ bá jẹun tán. Ẹ má fipá tì í.

Bí inú bá wú, tí ẹ ń bì, tí ẹ ò lè só, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ dá ààwẹ̀ dúró, ọsibítù ló kàn.