Bí Mo Ṣe Ṣírò Máàkì Tí Ọdún Kẹrin Gbọ́dọ̀ Fún Mi Kí N Lè Wọlé fún Oyè Kejì

Nígbà tí èsì ọdún kẹta jáde, ohun tí mo bá lórí pọ́tà ilé ẹ̀kọ́ wa ni CGPA 3.34. Ètò oyè kejì tí ojú mi wà lára rẹ̀ sì ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ní yẹ ìwé ẹni tí kò bá ní 3.50 nínú 5.00 wò, ìyẹn ni pé ó kéré tán, kéèyàn ní Sẹ́kọ́ńdì Kíláàsì Ọ́pà. Ọdún kan péré ló kù. Mo fẹ́ mọ iye tí ọdún yẹn gbọ́dọ̀ fún mi kí àpapọ̀ tó lè dé 3.50, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìdánwò bá ti parí.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ló kọ́kọ́ bá mi ṣe é. Ó kọ GPA ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀: 3.14, 3.26, 3.64. Ó ní bí ọdún mẹ́rin bá máa pín dọ́gba sí 3.50, àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 14. Ó yọ 10.04 tí mo ti ní kúrò, ó ku 3.96.

"Ṣé o rí i? Kò tiẹ̀ tó 4.00. Fọkàn balẹ̀ jàre."

Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ò gbà á, torí pé ọdún kan kì í wúwo bí èkejì. Iye yúníìtì tá a ṣe lọ́dún kìíní kọ́ la ṣe lọ́dún kejì, ọdún kẹrin tiwa ló sì máa ń kéré jù. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á fi yúníìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sọ póìntì rẹ̀ di púpọ̀: A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F ò sì ní nǹkan kan. Ẹni tó bá gba B nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 ti ní póìntì 12 nìyẹn. Gbogbo póìntì láti ọjọ́ tó ti wọlé ni wọ́n á kó jọ, tí wọ́n á fi gbogbo yúníìtì tó ti ṣe pín in. Ibẹ̀ ni CGPA ti ń wá. Wọn kì í mú GPA ọdún kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá máa pín wọn dọ́gba.

Mo bá kó èsì sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, mo gba fúlúsíkáàpù kan, mo sì fa ìlà sí i: kọ́ọ̀sì lápá òsì, yúníìtì láàárín, póìntì lápá ọ̀tún. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi tán. Ọdún kìíní jẹ́ yúníìtì 44 pẹ̀lú póìntì 138. Ọdún kejì jẹ́ yúníìtì 46 pẹ̀lú póìntì 150. Ọdún kẹta jẹ́ yúníìtì 42 pẹ̀lú póìntì 153. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ yúníìtì 132 àti póìntì 441. Mo fi 132 pín 441, ó fún mi ní 3.34 gan-an tó wà lórí pọ́tà, mo wá mọ̀ pé n ò fo kọ́ọ̀sì kankan. Bí iye tẹ́ ẹ rí níbí ò bá dọ́gba pẹ̀lú ti pọ́tà, ẹ má ṣe tíì tẹ̀ síwájú. Ó lè jẹ́ pé máàkì kọ́ọ̀sì kan ò tíì wọlé, tàbí kí wọ́n ti kọ yúníìtì kan síbẹ̀ láṣìṣe.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti ṣọ́ra ni kọ́ọ̀sì tó bá já. Mo ní ọ̀kan lọ́dún kejì, oníyúníìtì 2, tó wà gẹ́gẹ́ bíi kárí-ófà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tèmi, F yẹn ò ní kúrò níbẹ̀. Yúníìtì 2 rẹ̀ ti wà nínú 132, póìntì òfo ló sì mú wá. Nígbà tí mo bá tún un ṣe, yúníìtì 2 mìíràn á tún wọlé, pẹ̀lú póìntì tuntun. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tó jẹ́ pé máàkì tuntun ló ń rọ́pò ti àtijọ́, nítorí náà ìwé òfin ilé ẹ̀kọ́ yín ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ó wá ku yúníìtì ọdún kẹrin. Ìwé tí ẹ̀ka wa lẹ̀ mọ́ ara ògiri sọ pé 34. Mo lọ bá olùdámọ̀ràn kíláàsì wa ní ọ́fíìsì wọn, mo ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni gbogbo yúníìtì tí mo máa forúkọ sílẹ̀ fún lọ́dún yìí?" Wọ́n wo orúkọ mi nínú ìwé wọn, wọ́n ní, "Tìẹ jẹ́ 36. Kárí-ófà rẹ ti wà nínú ẹ̀ lọ́dún yìí, má fi í sílẹ̀ o, torí o ò lè gba ìwé ẹ̀rí láìṣe é." Gbogbo yúníìtì tí mo máa fi jáde wá di 132 pẹ̀lú 36, ìyẹn 168.

Ìṣírò tó kù ò ju ìlà kan lọ. Kí n tó lè ní 3.50 lórí yúníìtì 168, póìntì mi gbọ́dọ̀ jẹ́ 588. Mo ti ní 441. Ó ku 147 tí yúníìtì 36 gbọ́dọ̀ mú wá:

```
(3.50 × 168 − 441) ÷ 36 = 4.08
```

Mo padà sí ìṣírò ọ̀rẹ́ mi. Ká ní mo gba 3.96 tó dárúkọ, ìyẹn á fún mi ní póìntì bíi 143 lórí yúníìtì 36. Àpapọ̀ á di 584, tí a bá sì fi 168 pín in, 3.48 ni. Ọwọ́ mi ò bá má tẹ ohun tí mo ń wá. Nígbà tí mo fi hàn án, òun náà mú èsì tirẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lákọ̀tun.

4.08 nìkan ò sọ ohun téèyàn máa ṣe, torí pé kò sí kọ́ọ̀sì tó ń fúnni ní 4.08. Póìntì 147 ni mo tẹjú mọ́. Bí mo bá gba B nínú gbogbo kọ́ọ̀sì, 36 lọ́nà 4 jẹ́ 144, ó ku 3. Ìyẹn ni pé kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ B, kí kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 kan ṣoṣo jẹ́ A, mo dé 588 géérégé nìyẹn. Láti ibẹ̀, ó rọrùn láti mọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí mi: C kan nínú kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 ń mú póìntì 3 lọ, A mìíràn tó ní yúníìtì kan náà ló sì lè dá a padà. D kan ń mú 6 lọ. Póìntì kan ṣoṣo tó bá dín sì ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí pé 587 lórí 168 jẹ́ 3.49, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ sún un sókè, kò ní di 3.50.

Kárí-ófà yẹn, tí mo rò pé ẹrù ni, wá di ohun tí mo lè fi gun òkè. Yúníìtì 2 tó fi kún un béèrè póìntì 7 péré kí 3.50 má bàa yẹ̀, bẹ́ẹ̀ A nínú rẹ̀ máa fún mi ní 10. Kọ́ọ̀sì ọdún kejì sì ni, ohun tí mo ti kọ́ lọ́dún kẹta jẹ́ kó rọrùn ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ.

Mo tún fi ìṣírò yìí yẹ ètò oyè kejì mìíràn wò, èyí tó ń béèrè 4.00. Póìntì 672 ni ìyẹn ń fẹ́, ó ku 231 lórí yúníìtì 36, tó jẹ́ 6.42. Kò sí ohun tó ju 5 lọ. Ká tiẹ̀ ní A ni gbogbo kọ́ọ̀sì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹrin dé òpin rẹ̀, 3.70 ni mi ò ní lè kọjá. Mo yọ ọ́ kúrò lára ibi tí mo máa san owó fọ́ọ̀mù àti owó tránsíkíríìbù fún.

Ibi tí mo gbájú mọ́ jù ni iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, torí pé yúníìtì 6 ni. Kò sí kọ́ọ̀sì mìíràn tó wúwo tó o, kì í sì í ṣe ìdánwò wákàtí méjì tí orí fífọ́ lè bà jẹ́. Jọ́gíráfì ni mò ń kà, iṣẹ́ mi sì dá lórí bí ìdọ̀tí ṣe ń dí gọ́tà tó ń ṣàn sínú odò Ògùnpa n'Ìbàdàn, odò tó ya ní 1980 tó gbé ilé àti èèyàn lọ. Sẹ̀mẹ́sítà kìíní ni mo ti lọ wọn ìbú àti jíjìn gọ́tà wọ̀nyẹn, kí n má bàa máa sáré kọ ọ́ nígbà ìdánwò. A nínú rẹ̀ ń fi póìntì 6 kún B, ó sì tó láti dí 3 tó kù, kó tún gba C kan mọ́ra.

Èsì sẹ̀mẹ́sítà kìíní jáde: yúníìtì 17. Kọ́ọ̀sì oníyúníìtì 3 márùn-ún fún mi ní A kan, B mẹ́ta àti C kan, ìyẹn póìntì 60. Kárí-ófà jẹ́ A, póìntì 10. Mo ní 70. Mo tún ṣírò lójú ẹsẹ̀: 147 yọ 70, ó ku 77 lórí yúníìtì 19. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ B, 76 ni, póìntì kan ṣoṣo ló kù. Àtúnṣírò yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí pé òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé bí iṣẹ́ ìwádìí bá jẹ́ A, mo ṣì lè fara da C kan, àmọ́ méjì ti pọ̀ jù.

Ní sẹ̀mẹ́sítà kejì, iṣẹ́ ìwádìí jẹ́ A, póìntì 30. Sẹ́mínà oníyúníìtì 1 jẹ́ B. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin tó kù jẹ́ B mẹ́ta àti C kan, póìntì 45. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 79. Mo fi 70 àti 79 kún 441, ó di 590, mo fi 168 pín in: 3.51. Ká ní B ni iṣẹ́ ìwádìí yẹn, 584 ló máa jẹ́, máa sì dúró sórí 3.48.

Fọ́ọ̀mù ètò tí mo ń lépa béèrè CGPA, ó tún béèrè iye tó ga jù lọ, mo sì kọ 3.51 nínú 5.00. Ẹ má fo ibi ìkejì yẹn, torí pé ẹni tó ń lo 4.00 ní politẹ́kíníìkì lè kọ 3.51 tirẹ̀ síbẹ̀, kó sì jẹ́ pé Dísíńtíńṣọ̀n lòun ní. Fọ́ọ̀mù mìíràn tí mo kọ, ti yunifásítì kan ní Kánádà, ọdún méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fẹ́ rí. Fúlúsíkáàpù yẹn ni mo tún ṣí: 153 pẹ̀lú 149 jẹ́ 302, yúníìtì 42 pẹ̀lú 36 jẹ́ 78, ó sì jáde sí 3.87.