Irun Gígùn Tó Fẹ́lẹ́: Bí A Ṣe Ń Gé E Sí Ojú Ìlà Kan, àti Ìdí Tí Mi Ò Fi Ń Fi Léyà Sí I

Àwọn tí irun wọn gùn, tó nà tààrà, tí fọ́nrán rẹ̀ sì tín-ín-rín, ẹ̀bẹ̀ kan náà ni wọ́n máa ń bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lọ́ńdọ̀nù: "Ẹ bá mi fi léyà sí i, kó lè kún." Léyà ni ìgé onípele, tí irun òkè ti máa ń kúrú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣe é níbòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, òun gan-an ló sì sọ irun wọn di jákujàku. Ohun tí irun bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ni kí ẹnu gbogbo rẹ̀ parí sí ojú ìlà kan.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Irun máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lóṣù. Irun tó bá ti gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà ti lo bí ọdún mẹ́rin lórí. Kí ọdún mẹ́rin tó pé, fọ́nrán kan ti já, òmíràn ti re, tuntun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù bọ̀ nípò rẹ̀. Fọ́nrán tó dé ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tó èyí tó wà lókè. Tí o bá tún wá gé ti òkè kúrú, àwọn tí ì bá dé ìsàlẹ̀ lo mú kúrò yẹn, ìsàlẹ̀ á sì wá dà bí ìrù eku.

Irun tí fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín yàtọ̀ sí irun tí kò pọ̀. Àwọn kan wà tí fọ́nrán wọn fẹ́lẹ́ ṣùgbọ́n tó pọ̀ lórí bíi koríko. Láti mọ̀ ọ́n, kó gbogbo irun jọ sí ẹ̀yìn, dì í, kí o fi téèpù àwọn télọ̀ yí ìdí rẹ̀ po. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, gbàgbé léyà. Bó bá wà láàárín 5 sí 10, iwájú nìkan ni kí o fọwọ́ kàn. Bó bá ju 10 lọ, ó lè gba léyà gígùn, kò sì ní hàn pé o mú nǹkan kúrò.

Ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Póláńdì, ni mo gé tirẹ̀ láìpẹ́ yìí. Téèpù fi 4 àti ààbọ̀ hàn ní ìdí irun rẹ̀. Láti àtàrí dé ẹnu rẹ̀ jẹ́ 62 sẹ̀ǹtímítà. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e kúrú," ló ń wí. Mo na aṣọ dúdú sẹ́yìn irun náà, torí irun rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ (aṣọ funfun ni tí irun bá dúdú), mo sì ní kó wo dígí. Sẹ̀ǹtímítà 14 ìsàlẹ̀ ń fi aṣọ hàn kedere. Ibi tí aṣọ ò ti hàn mọ́ ni irun ti nípọn, ibẹ̀ sì ni ìlà yẹ kó wà. A fẹnu kò sí 12. Mo gé 11, mo fi ọ̀kan tó kù pamọ́ fún àtúnṣe.

Fọ irun, fi aṣọ ìnura fún omi rẹ̀, kí o yà á dáadáa. Pín in sí mẹ́rin: láti iwájú orí dé ìpàkọ́, àti láti etí dé etí. Fi kílíìpù ká a sókè, kí o fi ìpele kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 2 sílẹ̀ ní ìpàkọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ yìí ni atọ́nà gbogbo ìyókù, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀yìn nígbà tí àlùmọ́gàjí bá ń gé e. Bí o bá fi ìka méjì di irun mú, tí o fà á kúrò lára ẹ̀yìn díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìka kan péré, léyà lo ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. Fọ́nrán inú á gùn, tòde á kúrú, ìwọ ò sì ní mọ̀ títí irun á fi gbẹ. Mo ti rí ọmọṣẹ́ tó ṣe báyìí ní ìpele mẹ́fà tẹ̀ léra, tó tún ń yà á lẹ́nu pé ìlà òun ò mọ́. Èmi ò kì í fi ìka di í rárá: ẹ̀yìn òòyà ni mo fi ń tẹ irun mọ́ ẹ̀yìn, mo sì ń gé lábẹ́ rẹ̀.

Irun tó bá kọjá àárín ẹ̀yìn, kí onírun náà dìde dúró. Àga á máa gbé irun sókè, ìlà á sì wọ́. Kó gbé orí rẹ̀ gbọnrangandan, kó má tẹ̀ ẹ́, kó má sì wo fóònù. Bí orí bá tẹ̀ síwájú, irun òkè á gun ìpàkọ́, nígbà tó bá gbé orí sókè tán, á já kọjá ti ìsàlẹ̀. Ṣọ́ra fún etí náà: irun tó gba orí etí kọjá, má ṣe fà á le, torí etí á tì í sókè, ihò kékeré á sì hàn níbẹ̀ tó bá gbẹ.

Àwọn kan ń kó gbogbo irun síwájú orí, wọ́n á dì í, wọ́n á sì gé ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n irun ìpàkọ́ rìn jìnnà kó tó dé iwájú, irun òkè kò rìn bẹ́ẹ̀. Tí o bá tú u, òkè kúrú, ìsàlẹ̀ gùn: léyà tó lágbára jù lọ nìyẹn. Má ṣe é sí irun tí téèpù rẹ̀ kéré.

Tú ìpele kejì sílẹ̀. Bí o bá ń rí ìlà àkọ́kọ́ láàárín rẹ̀, gé e bá a. Bí o ò bá rí i, ìpele náà nípọn jù, pín in. Bẹ́ẹ̀ títí dé òkè.

Àlùmọ́gàjí onírun tó mú ni kí o lò. Ti ilé ìdáná á máa tì irun síwájú dípò kó gé e, ẹnu irun á sì là. Abẹ àti àlùmọ́gàjí eléyín, má mú wọn sún mọ́ irun yìí. Bí owó ò bá sí fún kílíìpù onírun, ti aṣọ sísá náà ń ṣiṣẹ́.

Bí téèpù bá tó 5, tó sì ń wu ẹni náà kí ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, mú fọ́nrán díẹ̀ níwájú nìkan, kí èyí tó kúrú jù níbẹ̀ wà nísàlẹ̀ àgbọ̀n.

Jẹ́ kó gbẹ tán kí o tó ṣe àtúnṣe. Gé ibi tó bá yọ ní díẹ̀díẹ̀, kí ó má kọjá sẹ̀ǹtímítà tó kù yẹn. Aṣọ dúdú ò hàn mọ́ lẹ́yìn irun ìyàwó wa àfi ní sẹ̀ǹtímítà 2 ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, mo gé 2 yẹn kúrò.

Wíìgì bóònù sítréètì tí ẹnu rẹ̀ ti já, bákan náà ni mo ń gé e, lórí ère orí, kó dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n bí irun bá ń re lójijì, tí ibi tí a ti là á sí méjì sì ń fẹ̀ sí i, ìgé kọ́ ló máa tún un ṣe. Lẹ́yìn ìbímọ, ó máa ń re fún oṣù mélòó kan kó tó padà. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, lọ rí dókítà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.