Bí mo ṣe gba ẹ̀jẹ̀ píìkì àti tírọ́ọ̀fù jẹntamáísìn, tí mo sì ka èsì ẹ̀

Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń fún ní jẹntamáísìn 120 miligíráàmù ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́, èmi apòògùn ni wọ́n sì ní kí n wo bí oògùn yẹn ṣe ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nǹkan méjì la máa ń wọ̀n: píìkì, ìyẹn ibi tí oògùn ga dé lẹ́yìn tí dírípù ti wọlé tán, àti tírọ́ọ̀fù, ibi tó lọ sílẹ̀ dé kí dóòsì tó kàn tó wọlé. Píìkì ló máa sọ bóyá oògùn lágbára tó láti pa kòkòrò, tírọ́ọ̀fù ló máa sọ bóyá kíndìnrín ń kó o dànù, torí tó bá ń ṣẹ́kù síbẹ̀ lójoojúmọ́, kíndìnrín àti etí ló máa jìyà ẹ̀.

Èsì kan ti wà nílẹ̀ kó tó kàn mí, tírọ́ọ̀fù 7.9, píìkì 8.2. Ẹ wò ó, báwo ni oògùn ṣe máa lo wákàtí bíi mélòó kan lára tí kò ní lọ sílẹ̀? Àfi tí kíndìnrín bá ti dákẹ́ pátápátá, kíríátínì bàbá sì rèé, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń kó dànù, ó kàn ga díẹ̀ ni. Ó jọ pé dírípù ti ń wọlé kí wọ́n tó fa "tírọ́ọ̀fù" yẹn, ṣùgbọ́n kò sí aago kankan lára ìgò ẹ̀jẹ̀ méjèèjì, kò sí ohun tá a lè fi ṣe. Mo ní ká gba òmíì, wọ́n ṣáà ti gba ju dóòsì mẹ́ta lọ, oògùn ti balẹ̀ lára.

Mo bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ aago tó wà lórí ṣáàtì o, aago tí dírípù bẹ̀rẹ̀ gan-an àti aago tó parí ni mo fẹ́." Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí kánúlà dí lọ́sàn-án yẹn, dóòsì aago 2:00 kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2:20, ó parí ní 2:50, wọ́n sì fi omi iyọ̀ ti ìyókù tó wà nínú rọ́bà wọlé. A wá ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ìgbà tó parí, a fa píìkì ní 3:20. Ká ní aago ṣáàtì la tẹ̀lé ni, 3:00 là bá fà á, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ́yìn tí dírípù tán, nígbà tí oògùn ò tíì tàn ká ara, nọ́ńbà yẹn ì bá ga lórí asán. Apá kejì la ti fà á, kì í ṣe látinú kánúlà tí oògùn gbà wọlé, torí ìwọ̀nba oògùn tó bá kù síbẹ̀ lè mú kí píìkì di ohun tí kò ṣeé gbàgbọ́. Tírọ́ọ̀fù, 9:45 alẹ́, kí dóòsì aago 10:00 tó wọlé. Bàbá tún ń gba àmpísílìnì, irú oògùn yẹn sì lè máa sọ jẹntamáísìn di aláìlágbára nínú ìgò ẹ̀jẹ̀, torí náà orí yìnyín la gbé e sí lọ sí láàbù, a ò jẹ́ kó jókòó sórí tábìlì.

Èsì dé: píìkì 8.4, tírọ́ọ̀fù 2.8, miligíráàmù nínú lítà kan. Fún irú ètò wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ yìí, a fẹ́ kí píìkì wà láàárín 5 sí 10, kí tírọ́ọ̀fù má tó 2 (ẹni tí wọ́n ń fún ní dóòsì ńlá ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ètò tiẹ̀ yàtọ̀, ẹ má fi nọ́ńbà yìí wò ó). Láti 3:20 dé 9:45 jẹ́ wákàtí 6.42, mo bá ṣírò ke, ìyẹn bí oògùn ṣe ń yára jáde lára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àti t½, iye wákàtí tó fi ń dín sí ìdajì:

```
ke = ln(8.4/2.8) / 6.42 = 0.171
t½ = 0.693 / 0.171 = 4.05
```

Ìyẹn ni pé bíi wákàtí mẹ́rin ni oògùn fi ń dín sí ìdajì lára bàbá, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ le dáadáa sábà máa ń lo wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Dókítà kọ́kọ́ ní ká gé dóòsì sí ìdajì. Mo ní, "Ọ̀gá, tá a bá gé e, tírọ́ọ̀fù á di 1.4 lóòótọ́, ṣùgbọ́n píìkì náà á já sí 4.2, kò sì ní tó." Kì í ṣe pé oògùn pọ̀ jù, kò ráyè jáde ni. A fi dóòsì sílẹ̀ ní 120, a sún un sí wákàtí méjìlá méjìlá. Píìkì máa lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí bíi 7, torí èyí tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ti dín kù, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin á di 3.5, lẹ́yìn mẹ́jọ á di bíi 1.75, nígbà tó bá fi máa ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí òmíì wọlé, á ti sún mọ́ 1.

Nígbà tá a tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn dóòsì mélòó kan, 7.3 àti 1.0 la rí. Kíríátínì la wá ń wò lẹ́yìn náà, torí tíyẹn bá tún gòkè, èsì tuntun yìí ò ní wúlò mọ́, a máa ní láti gba ẹ̀jẹ̀ míì.